Oníbàárà Rẹ Ni Yóò Jẹ́rìí Sí Iṣẹ́ Rẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jórin ní Panteka, tí ẹ ń tún ọkọ̀ ṣe ní Kakuri, tí ẹ ń fa wáyà iná káàkiri Barnawa àti Sabon Tasha, ibì kan náà ni fọ́ọ̀mù Kánádà ti ń dá yín dúró. Ẹ ó kọ orúkọ, ẹ ó kọ ọjọ́ ìbí àti ilé ìwé, gbogbo rẹ̀ á máa lọ geere. Ìgbà tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ ka iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí wọ́n sì béèrè lẹ́tà ọ̀gá, ni ọwọ́ máa ń rọ. Ta ni ọ̀gá ẹni tó dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀? Níbẹ̀ ni àwọn kan ti ń sáré lọ bá ẹni tí yóò bá wọn tẹ lẹ́tà iléeṣẹ́ tí wọn kò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí. Àwọn mìíràn á fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan láyé. Ọ̀nà méjèèjì ló burú, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ burú jù.

Lẹ́tà iṣẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì sí mi. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ aṣọ tó kún ìlú yìí nígbà kan. Láti ọdún 1957 tí wọ́n ti dá Kaduna Textile Limited sílẹ̀ ni ìlú Kàdúná ti di ìlú ẹni tó ní káàdì iṣẹ́ lápò. Wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́, ìwé wà. Wọ́n gbé ọ ga, ìwé wà. O fẹ́ lọ, ìwé tún wà. Àmọ́ àwọn iléeṣẹ́ náà kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ti United Nigerian Textiles tó jẹ́ gbajúmọ̀ láàárín wọn sì ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2007. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ẹni tó fi àárọ̀ àti ọ̀sán hun aṣọ ní Kakuri fi di wẹ́dà, tó di aránṣọ, tó di ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Iṣẹ́ kò tán nílùú. Ẹni tí yóò fi òǹtẹ̀ lu ìwé ni kò sí mọ́.

Nítorí pé èmi náà ti tẹ ọ̀pọ̀ lẹ́tà bẹ́ẹ̀, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà iṣẹ́ kò ju ìdáhùn sí ìbéèrè mélòó kan lọ: kí ni ẹni yìí ń ṣe, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló parí, wákàtí mélòó ló ń ṣe lọ́sẹ̀, èló ló ń gbà, àti ta ni a lè pè bí a bá fẹ́ wádìí. Ìdí tí wọ́n fi gbà á gbọ́ ni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́, kì í ṣe ìwọ fúnra rẹ. Ẹni tí kò ní ọ̀gá kò ní ẹni kan ṣoṣo tó lè dáhùn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó ní oníbàárà, ó ní báǹkì, ó ní onílé tó gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní ìjọba tó gba owó orí. Ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ wọn ní wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti kó wọn jọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò fiyè sí ni pé ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ará Kánádà ti ń béèrè nípa iṣẹ́ nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Express Entry. Ibì kan wà tí wọ́n ń béèrè ìtàn ìgbé ayé rẹ láti ọdún mẹ́wàá, tàbí láti ìgbà tí o ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún bí ọdún mẹ́wàá kò bá tíì pé sí i. Ohun tí wọ́n fẹ́ níbẹ̀ ni kí oṣù kankan má sọnù. Bí o bá jókòó sílé, kọ ọ́ pé o jókòó sílé. Bí o bá ń kọ́ṣẹ́, kọ ọ́. Wọn kì í béèrè lẹ́tà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n bí oṣù bíi mélòó kan bá sọnù láàárín, wọ́n lè dá gbogbo ìwé rẹ padà pé kò pé. Ibì kejì ni iṣẹ́ tí o fẹ́ kí wọ́n fún ọ ní máàkì lé lórí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí ti di dandan. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ló máa ń rò pé nítorí òun kò ní lẹ́tà, òun kò gbọ́dọ̀ dárúkọ iṣẹ́ òun rárá. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ ní ibi àkọ́kọ́. Ibi kejì ni kó ti ro ohun tí agbára ẹ̀rí rẹ̀ gbé.

Ẹ jẹ́ ká fi wẹ́dà kan ṣe àpẹẹrẹ, ọmọkùnrin tí ẹ lè bá pàdé ní ìlà èyíkéyìí ní Panteka. Ó parí ilé ìwé gíga ní ọdún 2014, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án. Ọdún mẹ́ta ló fi sìn, ó gba firídọ̀ọ̀mù ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ó sì dúró ti ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún méjì sí i, ọ̀gá ń san owó fún un lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 ó gba ìsọ̀ tirẹ̀. Ìséde kòrónà dé ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2020, ó sì di oṣù Kẹfà kí ìjọba Kàdúná tó tú ìlú sílẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn kò jórin kankan. Ó padà síṣẹ́ ní oṣù Keje, kò sì tíì dúró. Bó bá ń kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìtàn rẹ̀ yóò rí báyìí:

```
2014-09  2017-08  Apprentice welder (unpaid)
2017-09  2019-08  Welder (paid per job)
2019-09  2020-03  Self-employed welder
2020-04  2020-06  Unemployed
2020-07  2025-01  Self-employed welder
```

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ yín ló ń fẹ́ ka ọdún ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ ọdún iṣẹ́. Kánádà kò ní í kà á, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n sanwó rẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ lójú wọn, yálà owó oṣù tàbí owó ìdá. Ọmọ iṣẹ́ tiwa kì í gba owó, òun gan-an ló ń sanwó fún ọ̀gá. Nítorí náà ọdún mẹ́ta yẹn wà nínú ìtàn, ṣùgbọ́n kò sí nínú máàkì. Ìlà kejì lè wọ inú máàkì bí ọ̀gá rẹ̀ bá kọ lẹ́tà fún un. Ọ̀gá tó ní ìsọ̀ kékeré lè kọ lẹ́tà bí iléeṣẹ́ ńlá ti ń kọ ọ́: orúkọ àti àdírẹ́sì ìsọ̀ lókè, nọ́ńbà fóònù tó ń wọlé, iṣẹ́ tí ọmọkùnrin náà ń ṣe, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó lọ, wákàtí rẹ̀ lọ́sẹ̀, iye tó ń gbà, kí ọ̀gá sì buwọ́ lù ú. Bí ọ̀gá bá ti kú, tàbí tí ẹ̀yin méjèèjì kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí o ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ (èyí sì wọ́pọ̀ ju ikú lọ), kọ àlàyé ṣókí nípa ìdí tí lẹ́tà kò fi sí, kí o sì fi ohun mìíràn tí o bá ní tì í.

Nípa orúkọ tí o ó pe ara rẹ: má pe ara rẹ ní máníjìn dáírẹ́kítọ̀. Mo mọ̀ pé ó wà lára káàdì tí o ń pín fún àwọn oníbàárà, kò sì sí ẹni tí yóò bá ọ jà ní Panteka. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìwé rẹ ní Kánádà kì í wo orúkọ oyè, iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ ń ṣe ló ń wò, ó sì ń fi í wé ìwé kan tó to gbogbo iṣẹ́ ayé sí nọ́ńbà. Nọ́ńbà wẹ́dà nínú ìwé náà ni 72106. Nọ́ńbà kejì nínú rẹ̀, ìyẹn 2, ló ń sọ ìpele iṣẹ́ náà, ìpele 0 sí 3 ni wọ́n sì ń gbà nínú ètò yìí. Bí o bá kọ ọ̀gá àgbà síbẹ̀, tí àwọn oníbàárà rẹ sì ń sọ pé o ṣe bọ́gílárì fún àwọn, ọ̀rọ̀ ò bára mu nìyẹn. Kọ wẹ́dà, kí o sì kọ ohun tí o ń ṣe ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ: o ń wọn irin, o ń gé e, o ń jó o, o ń ṣe géètì àti férémù. Má ṣe da gbólóhùn inú ìwé wọn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ló kọ ọ́, wọ́n á dá a mọ̀.

Ẹ̀yin aránṣọ, ó dùn mí láti sọ fún yín pé ọ̀nà yìí kò sí fún yín mọ́ nínú ètò yẹn. Láti ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé iṣẹ́ tí wọ́n tún tò ni iṣẹ́ aránṣọ ti bọ́ sí ìpele 4. Ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ yín láti fi iṣẹ́ ìránṣọ gba máàkì níbẹ̀ ń jẹ yín níyà lásán. Ẹ ó ṣì kọ ọ́ sínú ìtàn ọdún mẹ́wàá yín bó ti yẹ.

Ó ku ẹ̀rí. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí ọkàn ọmọ Nàìjíríà ni pé kí òun lọ búra ní kóòtù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi owó yín ṣòfò. Ìlànà Kánádà sọ ọ́ gbangba pé ìwé ìbúra tàbí àlàyé tí ẹni náà fúnra rẹ̀ kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí iṣẹ́ àdáni. Ìwọ lo tún ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kóòtù kàn ń gbọ́ ni. Ohun tí wọ́n béèrè ni ẹ̀rí pé ìwọ lo ni òwò náà, ẹ̀rí pé owó wọlé, àti ìwé láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn tó sọ iṣẹ́ tí o ṣe fún wọn àti bí wọ́n ṣe sanwó.

Nípa ẹni tó ni òwò, ìwé orúkọ òwò láti ọ̀dọ̀ CAC dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bí wẹ́dà wa bá forúkọ sílẹ̀ ní ọdún 2023, kò lè fi ìwé yẹn jẹ́rìí ọdún 2022. Àwọn kan á ní àwọn lè bá ọ sún ọjọ́ náà sẹ́yìn. Sá fún wọn, nítorí àkọsílẹ̀ CAC wà ní gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Fún ọdún tó ṣáájú, lo rìsíìtì owó ìsọ̀, ìwé owó ẹgbẹ́, àti rìsíìtì owó orí. Bí o bá ń san owó orí fún ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́dọọdún, kí o máa kọ iye tó wọlé fún ọ sílẹ̀ fún wọn kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó kọjá, wọn yóò fún ọ ní ìwé ẹ̀rí owó orí tó ń sọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pẹ̀lú iye tó wọlé fún ọ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo ìwé tí wẹ́dà lè ní, mi ò mọ èyí tó tún lágbára tó o. Ọ̀pọ̀ yín ń sá fún owó orí, ẹ sì ń wá ìwé tí owó orí nìkan lè fún yín.

Owó tó wọlé ni ibi tí ìtàn àìpẹ́ yìí ti ràn yín lọ́wọ́ láìmọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà tí owó ìwé sì wọ́n bí ojú, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ tí kì í gba tiransífà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Láti ìgbà náà ni àkọsílẹ̀ báǹkì wọn ti nípọn. Ìṣòro tó kù ni pé owó iṣẹ́, owó èsúsú àti owó tí àǹtí fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn ló kún inú àkántì kan náà. Tẹ ìwé náà jáde, kí o fi àmì sí gbogbo owó iṣẹ́, kí o sì kọ nọ́ńbà rìsíìtì rẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Wàyí o, lẹ́tà oníbàárà. Oníbàárà tó ní ọ́fíìsì ló dára jù, nítorí ó ní ìwé tí orúkọ wà lórí rẹ̀, ẹnì kan yóò sì gbé fóònù bí wọ́n bá pè é. Ká ní ìjọ kan ní Sabon Tasha gbéṣẹ́ fún wẹ́dà wa ní ọdún 2022: bọ́gílárì fèrèsé mẹ́rìnlá àti géètì kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà. Wọ́n san ₦400,000 ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, wọ́n sì san ₦200,000 tó kù ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin. Lẹ́tà ìjọ náà gbọ́dọ̀ sọ gbogbo èyí, ọjọ́ àti iye. Nígbà tí ẹni tó ń ka ìwé bá ṣí àkọsílẹ̀ báǹkì, tó sì rí ₦400,000 ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta láti ọ̀dọ̀ ìjọ yẹn, ẹ̀rí méjì ti pàdé. Ìpàdé yẹn ni agbára rẹ̀. Lẹ́tà tó kàn ń sọ pé ọmọ dáadáa ni, ó mọṣẹ́, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run, ìyìn nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè fi í wádìí nǹkan kan.

Wá lẹ́tà bíi méjì fún ọdún kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má ṣe wà lójú kan náà. Má ṣe kọ ọ́ fún wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní, "Kọ ọ́ wá, kí n buwọ́ lù ú." Bí lẹ́tà mẹ́fà bá ń sọ gbólóhùn kan náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ni yóò hàn níbẹ̀. Ohun tí o ó ṣe ni pé kí o wo ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ, kí o kọ ọjọ́, iye àti ohun tí o ṣe fún wọn sí bébà kan, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ìyókù. Bí Àlàájì kan ní Tudun Wada bá kọ tirẹ̀ ní Hausa, kò burú rárá. Jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí olùtumọ̀ náà sì lọ búra pé òun túmọ̀ rẹ̀ bó ti rí. Níbẹ̀ gan-an ni ìbúra kóòtù ti wúlò.

Wákàtí ló máa ń le jù. Ọgbọ̀n wákàtí lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ kíkún, ó sì gbọ́dọ̀ tó ọdún kan gbáko láìdá dúró kó tó wọ ètò náà. Oníbàárà kò lè mọ wákàtí rẹ, nítorí náà ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ni yóò sọ ọ́: iṣẹ́ yìí gba ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìyẹn gba mẹ́rin. Nítorí àìdádúró yẹn náà ni wẹ́dà wa kò fi gbọ́dọ̀ gbé ọdún rẹ̀ ka oṣù mẹ́ta ìséde, nítorí ó já níbẹ̀.

Ọdún mélòó ni kó wá béèrè máàkì fún? Yóò fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀. Èmi á ní kó mú oṣù Kìíní ọdún 2022 sí oṣù Kejìlá ọdún 2024 nìkan, ọdún mẹ́ta péré. Níbẹ̀ ni owó orí rẹ̀ wà, níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀ báǹkì rẹ̀ nípọn, níbẹ̀ ni àwọn oníbàárà tó ṣì rántí rẹ̀ wà. Nínú òdiwọ̀n ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ó yẹ láti wọlé, ọdún kan ń mú máàkì mẹ́sàn-án wá, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ń mú mọ́kànlá, ọdún mẹ́fà sókè kò sì ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Nígbà tí wọ́n bá wá ń to àwọn ènìyàn tẹ̀lé ara wọn, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn odi ti tó gba máàkì tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọdún kẹrin kò fi nǹkan kan kún un. Kí ló dé tí o ó fi gbé ọdún tí o kò lè jẹ́rìí sí dání, kí ó wá ba èyí tí o lè jẹ́rìí sí jẹ́? Ìdánwò èdè àti ìwé ẹ̀rí ilé ìwé ṣì wà níwájú o. Iṣẹ́ nìkan kò mú ẹnikẹ́ni wọlé.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ lẹ́tà ayédèrú sí ìkẹyìn. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á sọ fún ọ pé òun ní fóònù tí yóò dáhùn bí wọ́n bá pè. Ó lè dáhùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn á sọ pé o ń gba owó oṣù, àkọsílẹ̀ báǹkì rẹ kò sì ní owó oṣù kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé owó orí iléeṣẹ́ náà lórí rẹ. Apá 40 nínú òfin ìwọ̀lú Kánádà sọ pé ẹni tó bá parọ́ lórí ohun tó ṣe pàtàkì, tàbí tó fi irú rẹ̀ pamọ́, kò ní í lè wọlé fún ọdún márùn-ún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ, nítorí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù orílẹ̀-èdè mìíràn ni yóò máa bi ọ́ bóyá wọ́n ti lé ọ padà níbì kan rí.

Nítorí náà, ọmọ mi, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ṣí àkántì kan tí owó iṣẹ́ nìkan yóò máa wọ̀, ra ìwé rìsíìtì oníkábọ́ọ̀nù, kí o sì lọ bá àwọn oníbàárà ọdún tó kọjá kí wọ́n tó kó kúrò ní Kàdúná.